Bí A Ṣe Ń Kọ Ìròyìn Ìwádìí Ìṣègùn Láì Bù Mọ́ Ọn

Ní oṣù Keje ọdún 2002, wọ́n dá ìdánwò ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà kó tó pé àkókò tí wọ́n dá fún un. WHI ni wọ́n ń gé orúkọ ètò ìwádìí náà kúrú sí, ohun tó sì ń yẹ̀ wò ni oògùn họ́mọ̀nù tí àwọn obìnrin ń lò lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn bá ti dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gba ìgboro pé oògùn náà ń fa jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀rù ba àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pa á tì. Bẹ́ẹ̀, ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń kà ni pé oògùn yìí kan náà ń dáàbò bo ọkàn.

Ìtàn yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn oníròyìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka ìlera, torí pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n bù mọ́ oore oògùn náà, wọ́n tún wá bù mọ́ ewu rẹ̀. Jẹ́ ká gbà pé orí tábìlì rẹ ni àbọ̀ ìwádìí yìí wà láàárọ̀ yìí, tí olóòtú sì ń retí ìròyìn kí ilẹ̀ tó ṣú.

1. Kọ gbólóhùn kan kí o tó kọ ohunkóhun

Ohun tó máa kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ ni àtẹ̀jáde tí ilé ìwé gíga tàbí iléeṣẹ́ oògùn kọ fún oníròyìn. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí ìwádìí náà gbayì, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wá àbọ̀ ìwádìí fúnra rẹ̀, kí o sì fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sí apá tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ohun tí o nílò láti fi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sínú ìwé àjákọ rẹ: àwọn wo ni, mélòó ni wọ́n, kí ni wọ́n fún wọn, kí ni wọ́n fi wé, ó tó ìgbà wo.

Ti WHI máa rí báyìí: obìnrin 16,608, láti ẹni 50 ọdún sí 79, tí ilé ọmọ wọn ṣì wà lára wọn, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ́sítírójìn pọ̀ mọ́ pùrójẹ́sítíìnì, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn òfo, ìyẹn èyí tó jọ oògùn lójú ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀.

Tí ibì kan nínú gbólóhùn yẹn bá ṣófo, o kò tíì ka ìwádìí náà. Tí ó bá sì kún, fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìròyìn ọdún 2002 ló jẹ́ kí mẹ́ta bọ́ sọnù níbẹ̀. «Tí ilé ọmọ wọn ṣì wà»: àwọn tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn wà nínú ìdánwò mìíràn, ẹ́sítírójìn nìkan ni wọ́n ń lò, ìdánwò tiwọn ṣì lọ títí di 2004, jẹjẹrẹ ọmú kò sì pọ̀ sí i nínú rẹ̀. «Ẹ́sítírójìn pọ̀ mọ́ pùrójẹ́sítíìnì»: àpapọ̀ méjèèjì ni wọ́n dán wò, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ họ́mọ̀nù. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Tí o bá pín in dọ́gba, ẹni 63 ọdún ni àwọn obìnrin náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ẹni 50 ọdún tí ooru ń mú lóru, tó tìtorí ẹ̀ fẹ́ lo oògùn yìí, kì í ṣe ẹni tí ìdánwò náà kún fún. Ẹni tó kọ «Họ́mọ̀nù ń fún obìnrin ní jẹjẹrẹ» ti fi gbólóhùn kan péré sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò sí níbẹ̀.

2. Béèrè pé: ta ló pín wọn sí méjì?

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu pé nǹkan méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ìwádìí jákujàku. Inú ìwádìí tó tóbi, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọṣẹ́ ṣe, ni.

Láti ọdún 1976 ni àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 121,000, tí wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún méjì-méjì. Ní 1991, wọ́n gbé àbọ̀ kan jáde: láàrin àwọn tó ń lo họ́mọ̀nù, àìsàn ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti àwọn tí kò lò ó rí lọ. Kò sí irọ́ nínú nọ́ńbà náà. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣírò ọjọ́ orí, sìgá mímu àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ta ló pín àwọn nọ́ọ̀sì náà sí àwọn tó ń lò ó àti àwọn tí kò lò ó? Àwọn fúnra wọn ni, àti dókítà wọn. Obìnrin tó ń lọ gba họ́mọ̀nù láyé ìgbà náà, lọ́pọ̀ ìgbà òun náà ló ń lọ rí dókítà déédéé, tó ń ṣe eré ìdárayá, tí kò sanra jù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó ẹnu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbáà lo oògùn, ìbáà má lò ó, àìsàn ọkàn kì í tètè kàn án. O rí i pé họ́mọ̀nù àti ìlera ọkàn jọ rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó mú àwọn méjèèjì dání wà láàrin, kò sì hàn nínú àkọlé.

Ní ti WHI, kèké ni wọ́n fi pín wọn. Kò sí ẹni tó yan oògùn fún ara rẹ̀, kò sì sí dókítà tó yàn án fún ẹnikẹ́ni. Olówó àti tálákà, ẹni tó ń sáré láàárọ̀ àti ẹni tí kò dìde lórí àga, wọ́n bọ́ sí apá méjèèjì bákan náà. Ìyàtọ̀ tó bá wá yọjú lẹ́yìn náà, oògùn la lè dì í rù. Kí ló yọjú? Àìsàn ọkàn kò dín kù. Nínú 10,000 obìnrin lọ́dún kan, ó kan 37 lára àwọn tó lo họ́mọ̀nù, ó kan 30 lára àwọn tó lo oògùn òfo. (Àwọn olùwádìí ṣì ń jiyàn lórí iye tí ọjọ́ orí kó nínú ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tiwọn ní kékeré ju àwọn ti WHI lọ. Kọ ìyẹn náà, tí àyè bá wà.)

Bí ẹnìkan bá ń ṣiyèméjì pé irú ènìyàn tí a jẹ́ lágbára tó bẹ́ẹ̀, àbọ̀ kan wà tó jáde ní 1980 tí mo máa ń sọ fún un. Ìdánwò oògùn ni, lórí àwọn ọkùnrin tí àìsàn ọkàn ti kọlù rí. Àwọn olùwádìí wo kìkì àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfo. Lára àwọn tó ń lò ó déédéé, nǹkan bí 15 nínú 100 ló kú láàrin ọdún márùn-ún. Lára àwọn tó ń fo ọjọ́, 28. Rántí pé kò sí nǹkan kan nínú oògùn yẹn! Ẹni tó ń rántí lo oògùn ní àkókò rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ẹni tí kì í rántí, ní ọ̀nà tí kò hàn sí wa. Tí o bá rí oníròyìn tí inú rẹ̀ ń dùn pé «àwọn tó ń lo fítámì yìí kì í tètè kú», ohun tó yẹ kó wá sí ọ lọ́kàn nìyí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é lórí tábìlì. Tí kì í bá ṣe kèké ni wọ́n fi pín wọn, mo fòfin de ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́rin fún ara mi: *ń fa*, *ń dènà*, *ń dín kù*, *ń dáàbò bò*. N kò ní lò wọ́n nínú ìròyìn, n kò sì ní lò wọ́n nínú àkọlé. Ohun tí mo ń kọ ni bí nǹkan ṣe rí: «Láàrin àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lo họ́mọ̀nù, àìsàn ọkàn kéré sí ti àwọn tí kò lò ó.» Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kíákíá ni: «Àwọn tó ń lò ó tún ń lọ rí dókítà ju àwọn yòókù lọ, ìwádìí yìí kò sì lè sọ èyí tó fà á.» Kó tẹ̀ lé e kíákíá, mo tún un sọ. Tí o bá fi í sí ìparí, kò sẹ́ni tó máa kà á débẹ̀.

Ṣọ́ra fún àkọlé tó ń pàṣẹ. «Mu kọfí lójoojúmọ́, àǹfààní rẹ̀ pọ̀ fún ẹ̀dọ̀»: kò sí *ń fa* níbẹ̀, kò sí *ń dènà*, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ nǹkan tí kò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn jẹ́ *ó ń fa* tó wọ agbádá.

3. Sọ ìdá di orí ènìyàn

WHI sọ pé jẹjẹrẹ ọmú fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàrin àwọn tó lo họ́mọ̀nù. Òótọ́ ni. Kọ ọ́ báyìí ní èdè wa kí o sì gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ létí rédíò: *jẹjẹrẹ, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún*. Ohun tó gbọ́ ni pé tí obìnrin ọgọ́rùn-ún bá lò ó, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n máa ní jẹjẹrẹ. Mo ti rí ẹni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe púrúǹtù.

Wá tábìlì àbájáde nínú àbọ̀ náà. Nọ́ńbà méjì lò ń wá níbẹ̀: iye àwọn tí àìsàn náà kàn láàrin àwọn tó lo oògùn, àti iye tó kàn láàrin àwọn tí kò lò ó. Fún jẹjẹrẹ ọmú, nínú 10,000 obìnrin lọ́dún kan, 38 ni lára àwọn tó lo họ́mọ̀nù, 30 sì ni lára àwọn tó lo oògùn òfo. Yọ 30 kúrò nínú 38, ó ku 8. Pín 8 yẹn sí 30, wàá rí i pé ibẹ̀ ni ìdá 26 ti wá, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdá náà sọ bí 8 ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọn 9,962 tí jẹjẹrẹ kò kàn lọ́dún náà bí wọ́n tilẹ̀ lo họ́mọ̀nù.

Nítorí náà: «Nínú 10,000 obìnrin tó lo oògùn náà fún ọdún kan, 8 sí i ni jẹjẹrẹ ọmú kàn.» Tí o bá fẹ́ ọdún márùn-ún, ó súnmọ́ 4 nínú 1,000. Èyí kò sọ ewu náà di kékeré. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù obìnrin ló ń lo oògùn yìí nígbà náà, 8 nínú 10,000 láàrin irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi dá ìdánwò náà dúró. Obìnrin tó ń kà á nílé kàn nílò láti mọ iye tirẹ̀ ni.

Òṣùwọ̀n kan náà ni kí o fi wọn ire àti ibi. Ẹ̀tàn kan wà tó wọ́pọ̀ nínú àtẹ̀jáde àwọn tó ń ta oògùn: wọ́n á fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sọ oore rẹ̀ kó lè tóbi, wọ́n á sì fi orí ènìyàn sọ ewu rẹ̀ kó lè kéré. Nínú WHI, nínú 10,000 lọ́dún kan, rọpárọsẹ̀ fi 8 pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ tó dì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró fi 8 pọ̀ sí i; jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi 6 dín, egungun ìbàdí tó ń kán sì fi 5 dín. Tí o bá tò wọ́n báyìí, òǹkàwé á rí i fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù nínú tábìlì náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá 26 yẹn, wọ́n kọ gbèdéke sí i: ó lè jẹ́ pé kò sí ìdá kankan tó fi pọ̀ sí i rárá, ó sì lè tó 59. Gbèdéke tó fẹ̀ báyìí túmọ̀ sí pé àwọn olùwádìí kò fọwọ́ sọ̀yà lórí 26 gan-an. Má kọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run ló fi gègé kọ ọ́.

4. Yẹ ìrètí wò lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n

WHI kọ́ wa nípa ẹ̀rù. Ní ti ìrètí, mo fẹ́ mú oògùn mìíràn, lẹkanẹmábù, tó wà fún àwọn tí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Àlùsáímà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Àbọ̀ ìdánwò rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2022: ènìyàn 1,795, kèké ni wọ́n fi pín wọn, oṣù méjìdínlógún. Àìsàn náà fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀ láàrin àwọn tó gba oògùn. Ìdánwò gidi ni, *ń fa* kò léèwọ̀ níbẹ̀.

Níbo wá ni ìrètí asán ti ń wọlé? Wo òṣùwọ̀n. Wọ́n fi máàkì wọn bí ìrántí ẹni ṣe ń bàjẹ́ tó àti bó ṣe lè tọ́jú ara rẹ̀, láti òdo dé 18. Bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àìsàn ń le sí i. Lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, àwọn tó gba oògùn òfo fi 1.66 burú sí i. Àwọn tó gba lẹkanẹmábù fi 1.21 burú sí i. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.45 lórí òṣùwọ̀n tó ga dé 18. Apá méjèèjì ló ń sọ̀ kalẹ̀, ti ọ̀kan ló rọra ń sọ̀. Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ka «oògùn tuntun ṣẹ́gun ìgbàgbé» rò pé ìyá òun á tún mọ orúkọ òun. Ìdánwò náà kò fi ìyẹn hàn. Nínú 100 tó gba oògùn náà, nǹkan bí 13 ni àwòrán ọpọlọ fi hàn pé ọpọlọ wọn wú. Nínú 100 tó gba oògùn òfo, kò tó 2.

Èdè wa fúnra rẹ̀ máa ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà níbí, kò sì sí ìwé iṣẹ́ ìròyìn tó máa kìlọ̀ fún ọ. *Wọ́n ti rí oògùn rẹ̀*: fún dókítà, ìyẹn ni pé nǹkan kan wà tí a lè fún aláìsàn. Fún ẹni tó ń kà á, ó ti parí nìyẹn, àìsàn náà ti rí ẹ̀rọ̀. Kọ ohun tí oògùn náà ṣe: «ó jẹ́ kí àìsàn náà rọra lọ díẹ̀». *Lè* tún burú ju ìyẹn lọ. A máa ń kọ «oògùn yìí lè wo jẹjẹrẹ» bí ẹni pé a ti fi ọgbọ́n ṣọ́ra, ṣùgbọ́n *lè* yẹn náà ni ti «Òjó lè gun igi»: agbára ni òǹkàwé gbọ́, kò gbọ́ iyèméjì kankan. Tí kò bá tíì dájú, sọ pé kò tíì dájú, kí o sì sọ ohun tó kù tí wọ́n máa ṣe.

Tó bá jẹ́ eku ni wọ́n dán oògùn wò lára, *eku* gbọ́dọ̀ wà nínú àkọlé. N kì í gbà kí wọ́n ti í sí ìpínrọ̀ kẹta.

5. Pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwádìí náà

Ẹni tó mọ àìsàn náà, tí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni oògùn. Má bi í pé «Kí lẹ rí sí i?», torí ọ̀rọ̀ dídùn ni wàá gbà. Bi í pé: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí aláìsàn yín bá béèrè èyí lọ́la, kí lẹ máa yí padà nínú ìtọ́jú rẹ̀?» Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn náà ni pé «kò sí ìkankan, ní báyìí», ìyẹn sì ni gbólóhùn tó wúlò jù tí wàá gbà lọ́jọ́ náà.

Kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, ṣí ìkànnì ClinicalTrials.gov, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ìdánwò sílẹ̀, kí o sì wo ohun tí àwọn olùwádìí náà kọ sílẹ̀ ṣáájú pé àwọn ń wá. Tó bá jẹ́ pé ikú ni wọ́n ní àwọn máa kà, tí àbọ̀ wọn wá ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí. Bi ẹni tó wà lórí fóònù léèrè.

6. Kọ ọ́

Àkọlé: «Àpapọ̀ họ́mọ̀nù méjì kò dáàbò bo ọkàn àwọn obìnrin àgbà, ìdánwò ńlá ti fi hàn».

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: «Wọ́n ti dá ìdánwò kan dúró lórí oògùn họ́mọ̀nù tó pa ẹ́sítírójìn pọ̀ mọ́ pùrójẹ́sítíìnì, torí ewu rẹ̀ ju oore rẹ̀ lọ. Nínú 10,000 obìnrin tó lò ó fún ọdún kan, 38 ni jẹjẹrẹ ọmú kàn, nígbà tó kan 30 nínú 10,000 tí kò lò ó. Tí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ẹni 63 ọdún ni àwọn obìnrin náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àbájáde náà kò kan àwọn tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn. Ẹni tó bá ń lò ó kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.»

Kíyè sí i pé mo so 38 àti 30 pọ̀ sínú gbólóhùn kan. Nígbà tí àyè bá há, 30 ni olóòtú máa ń kọ́kọ́ gé, torí lójú rẹ̀, àwọn tí kò lo oògùn kì í ṣe ìròyìn. Tí ó bá wà nínú gbólóhùn tirẹ̀, ó lọ nìyẹn. Tí ó bá wà ní àárín ti 38, kò ní rí ibi tí yóò ti gé e láìjẹ́ pé ó pè ọ́.